Tu tàbí vous: ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi nípa ímeèlì àkọ́kọ́ sí ẹlẹgbẹ́ tó ń sọ Faransé

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kì í bẹ̀rù tu àti vous nígbà tó bá kọ́kọ́ bá wọn pàdé. Ó ti mọ "o", ó ti mọ "ẹ" láti kékeré, wọ́n sì ti bá a wí rí nítorí pé ó sọ "o" sí ẹni tí kò yẹ. Olùkọ́ á ní tu ni "o", vous ni "ẹ", akẹ́kọ̀ọ́ á gbà, wọ́n á sì kọjá síwájú. Nínú kíláàsì, ìyẹn tó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá pa yín pọ̀ mọ́ ẹnì kan ní Paris tàbí ní Lyon, tí ẹ wá jókòó láti kọ ímeèlì àkọ́kọ́ sí i, òye yẹn gan-an ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó ń sọ Faransé, mo sì ti rí i tí àwọn ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè náà dáadáa ń kọsẹ̀ níbì kan náà. Wọ́n mọ gírámà. Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀.

Lọ́dọ̀ wa, "ẹ" ń tẹ̀ lé ọjọ́ orí àti ipò, ó sì lè wà ní apá kan ṣoṣo. Ọ̀gá obìnrin tó ti lé ní ẹni ọdún 55 ní Ìbàdàn lè máa sọ "o" sí akọ̀wé rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, kí akọ̀wé máa dá a lóhùn pẹ̀lú "ẹ" títí tí ọ̀kan nínú wọn á fi kúrò níbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ nínú àwọn méjèèjì. Ní ọ́fíìsì ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ láàárín àgbàlagbà méjì. Èyí tí ẹ bá fún un lòun náà ń fún yín padà. Ọ̀gá ọlọ́dún 55 tí ẹ bá pè ní vous á pe ẹ̀yin ọmọ ọdún 25 ní vous, bó bá sì ti pè yín ní tu, ó ń retí tu lọ́dọ̀ yín.

Níbí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń dá ìṣòro sílẹ̀ láìmọ̀. Ọ̀gá ará Faransé náà ti kọ tu sí wa lẹ́ẹ̀mẹta, àwa ṣì ń dá vous padà fún un, nítorí pé a wo àwòrán rẹ̀ a sì rí ewú lórí. Lójú tiwa, ìtẹríba ni. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó ṣí i fún sì dúró síta. Ó lè rò pé a kò fẹ́ràn òun, tàbí pé ńṣe la ń rán òun létí pé òun ti dàgbà. Ìdàkejì rẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Bí ẹ bá fi tu bá òṣìṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì tàbí ọmọdékùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí pé ẹ jù ú lọ, nígbà tí ẹ ń pe gbogbo àwọn yòókù ní vous, ohun tó máa gbọ́ ni pé ẹ kò kà á sí. Àwọn tó bá sì wà nítòsí náà á gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Apá kan ṣoṣo yẹn ṣì wà láàárín àgbàlagbà àti ọmọdé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2018, níbi ayẹyẹ ìrántí ní Mont-Valérien, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan kí Ààrẹ Emmanuel Macron ní "Manu". Ààrẹ bá a wí pé kó pe òun ní "monsieur le président de la République", tu ló sì fi ń bá ọmọ náà wí. Tu yẹn kò ṣàjèjì, nítorí pé ọmọdé ni. Láàárín àwọn tó ń gba owó oṣù, ẹ gbàgbé ọ̀nà yìí.

Ohun kejì tó yẹ kí a mú kúrò lọ́kàn ni èrò pé vous túmọ̀ sí pé ìfẹ́ kò sí. Jacques Chirac, tó ṣe ààrẹ ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1995 sí 2007, àti Bernadette ìyàwó rẹ̀ ń pe ara wọn ní vous, gbogbo ará ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá lórí vous, kí wọ́n jọ máa jẹun ọ̀sán, kí wọ́n mọ orúkọ ọmọ ara wọn. Ohun tí vous ń sọ ni pé a kò tíì jọ pinnu láti sún mọ́ ara wa jù báyìí lọ. Ẹni tó ń kọ ímeèlì àkọ́kọ́ kò tíì jọ pinnu ohunkóhun pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, nítorí náà vous ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà: láti vous bọ́ sí tu rọrùn, gbólóhùn kan péré ló ń gbà. Láti tu padà sí vous dà bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ bá bínú.

Àmọ́ vous nìkan kò tó, nítorí pé orúkọ tí ẹ bá fi síwájú rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Vous pẹ̀lú Madame ga. Vous pẹ̀lú orúkọ àbísọ, bíi Bonjour Camille, wà láàárín: ó ní ọ̀wọ̀, ó sì fi hàn pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe. Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wà ní ìpele kan náà. Ó ṣòro fún Yorùbá, mo mọ̀, nítorí pé pípe àgbàlagbà ní orúkọ rẹ̀ gan-gan máa ń dùn wá lẹ́nu bí èébú. Ohun tí ọ̀pọ̀ wá máa ń ṣe ni kí wọ́n kọ Monsieur síwájú orúkọ àbísọ, bí a ti ń ṣe nílé. Ẹ má ṣe é. Ní ọ́fíìsì ní Paris, orúkọ ìdílé ló ń tẹ̀ lé Monsieur, ìyẹn bí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ sí i rárá. Fún ẹni tó ga jù yín lọ dáadáa, "Bonjour Madame," tàbí "Bonjour Monsieur," láìfi orúkọ kankan sí i ti pé.

Orúkọ àwọn ará Faransé tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Nínú ìwé iṣẹ́, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ìdílé ní lẹ́tà ńlá pátápátá, ó sì lè ṣáájú orúkọ àbísọ. Bí ẹ bá rí MARTIN Camille, Camille ni orúkọ àbísọ. Ẹni tó bá kọ "Bonjour Martin" sí i ti fi orúkọ ìdílé lásán pe èèyàn, bí olùkọ́ àtijọ́ tó ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Camille sì lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni Dominique àti Claude. Ìdí mìíràn nìyẹn tí orúkọ àbísọ fi dára ju Madame tàbí Monsieur lọ nígbà tí ẹ kò tíì rí ẹni náà rí. Bí Madame bá sì di dandan, Madame ni fún gbogbo obìnrin, ì báà lọ́kọ, ì báà má lọ́kọ. Láti ọdún 2012 ni ìjọba Faransé ti ní kí wọ́n yọ Mademoiselle kúrò nínú fọ́ọ̀mù wọn, ẹlẹgbẹ́ tí ẹ bá sì kọ ọ́ sí lónìí lè bínú.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan. Táíwò ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ẹ̀ka Èkó ilé iṣẹ́ kan, Camille wà ní ẹ̀ka Lyon, àwọn méjèèjì ni yóò máa bójú tó ìwé owó àwọn oníbàárà. Táíwò nílò fáìlì kan kó tó di ọjọ́bọ̀. Ìwé rẹ̀ lè rí báyìí:

```
Bonjour Camille,

Je rejoins l'équipe de Lagos lundi et nous
allons travailler ensemble sur la facturation.
Pourriez-vous m'envoyer le fichier des clients
avant jeudi ?
Je reste à votre disposition si vous avez
des questions.

Bonne journée,
Táíwò
```

Ó kúrú, ó sì yẹ kó kúrú. Ẹ wo ibi tí vous fara hàn sí: Pourriez-vous, votre disposition, vous avez. Ibi mẹ́ta ni nínú ìwé kékeré yìí. Bí Táíwò bá fẹ́ yí i sí tu lọ́jọ́ iwájú, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí pa pọ̀: Pourrais-tu, ta disposition, tu as. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn, ìwé náà á dà bí ohun tí èèyàn méjì jọ kọ.

Ìṣẹ́kù yẹn ni àṣìṣe tí mo ń rí jù. Kì í ti ọwọ́ àìmọ̀ wá. Ṣíṣe àdàkọ gbólóhùn láti inú ìwé àtijọ́ ló ń fà á. Èèyàn á kọ tu dáadáa láti òkè dé ìsàlẹ̀, á wá lẹ "N'hésitez pas à me contacter" mọ́ ìparí, nítorí pé gbólóhùn yẹn wà nínú gbogbo ìwé tó ti kọ rí. S'il vous plaît náà máa ń sá pamọ́ bẹ́ẹ̀, àti SVP tó jẹ́ ìkékúrú rẹ̀. Pẹ̀lú tu, s'il te plaît àti STP ni. Bien à vous tó wà lókè orúkọ ń di Bien à toi. Kí ẹ tó fi ìwé tó ní tu ránṣẹ́, ẹ ṣí àpótí ìwákiri inú ojú ìwé náà, kí ẹ tẹ "vo" sí i, kí ẹ tún tẹ "ez". Ti àkọ́kọ́ á mú vous, votre àti vos jáde. Ti èkejì á mú pourriez, avez àti n'hésitez jáde. Envoyer, avoir, chez àti assez á jáde pẹ̀lú wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìwákiri yìí kò lè mú êtes, dites àti faites, nítorí náà ẹ ṣì ní láti fi ojú ara yín kà á lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kékeré méjì kan tún wà nínú gírámà tó ń ṣàkóbá fún ìwé tó dára. Vous tí à ń sọ sí ẹnì kan máa ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe ọlọ́pọ̀ dání, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpèjúwe ń dúró sí ti ẹnì kan. "Si vous êtes disponible jeudi" ni a ń kọ sí Camille nìkan. Bí ẹ bá fi s sí ìdí disponible, Camille á máa wá àwọn tó kù tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Èkejì jẹ́ ti tu: nígbà tí ẹ bá ń ní kí ẹnì kan ṣe nǹkan, s máa ń jábọ́ kúrò ní ìdí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí er. Envoie-moi, n'hésite pas. Àwọn ará Faransé fúnra wọn ń ṣi èyí kọ, síbẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ ni ojú ń mú jù.

Ìkíni àti ìparí gbọ́dọ̀ bá vous mu. Salut kò lè wà lókè kí vous wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹnì kan. "Bonjour," láìfi orúkọ sí i gbẹ díẹ̀ fún ẹni tí ẹ máa bá ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ní ìparí, Bonne journée, Cordialement àti Bien cordialement kò gbè sí apá kankan, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn wọn. Gbólóhùn gígùn tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́, "Je vous prie d'agréer" àti ohun tó ń tẹ̀ lé e, ti lẹ́tà tó ń lọ sí ilé ìjọba tàbí báńkì ni. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí Camille, ẹ ti sún un sẹ́yìn. Ẹ sì kíyè sí i pé Táíwò kọ orúkọ kan ṣoṣo sí ìsàlẹ̀. Camille kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni Táíwò tàbí obìnrin, kò sì mọ èwo ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Orúkọ kan yẹn sọ fún un bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí tu láti ìbẹ̀rẹ̀ yẹ. Bí Camille ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí yín, tó sì lo tu, ẹ dá tu padà. Bí ó bá ti fi tu bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé orí fóònù, tu ni kí ìwé yín náà gbé. Àwọn iṣẹ́ kan tún wà tí tu jẹ́ àṣà láàárín àwọn tó ń ṣe é: àwọn akọ̀ròyìn, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan náà, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ní ọ́fíìsì àwọn amòfin, báńkì àti iṣẹ́ ìjọba, vous ń pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àṣà ibi iṣẹ́ yín gan-an, ẹ wá ìwé tí ará ibẹ̀ kan kọ sí ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ wo ohun tó lò. Ìwé tó lọ sí gbogbo ẹgbẹ́ kò lè sọ nǹkan kan fún yín, nítorí pé vous ni fún èèyàn púpọ̀ nígbà gbogbo, kódà bí gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́.

Ibi tí ẹlẹgbẹ́ náà wà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní Québec, tu máa ń yá. Ẹ lè kọ vous láàárọ̀ kí ìdáhùn dé pẹ̀lú tu lọ́sàn-án ọjọ́ náà, inú kò sì ní bí ẹnikẹ́ni nítorí vous tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ sún mọ́ tiwa. Ẹlẹgbẹ́ ní Kútọnu tó jẹ́ ọmọ Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀ lè máa sọ Yorùbá nílé kó sì máa fi Faransé ṣiṣẹ́, ọjọ́ orí àti oyè ṣì ń wúwo nínú ọ́fíìsì wọn. Sí ọ̀gá níbẹ̀, orúkọ àbísọ kò yẹ nínú ìwé àkọ́kọ́. "Monsieur le Directeur," tàbí "Madame la Directrice," pẹ̀lú vous ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Nígbà tí ìdáhùn Camille bá dé, ìlà tó wà lókè àdírẹ́sì iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò, nítorí pé ẹ̀rọ ló ń tẹ orúkọ kíkún tó wà nísàlẹ̀. Bó bá kọ "Camille" nìkan tó sì lo vous, ẹ ń lọ dáadáa, ẹ má yí ohunkóhun. Bó bá kọ "On peut se tutoyer ?", ẹ dáhùn pé "Avec plaisir !", kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e nínú ìwé kan náà sì ní tu nínú. Ẹni tó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, tó tún wá padà sí vous, ti fi ọwọ́ kan gbà á, ó fi èkejì dá a padà. Ní ti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, ẹni tó ga jù, tó dàgbà jù, tàbí tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ ju èkejì lọ ni. Àlejò ń dúró. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì béèrè, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan nínú wa á sọ pé ẹnu àwọn kò lè gbé tu sí ẹni tó tó bí ìyá àwọn. Mo gbà pé ó nira. Ohun tó ran àwọn tí mo mọ̀ lọ́wọ́ ni pé wọ́n gbé ọ̀wọ̀ náà lọ síbi ọ̀rọ̀-ìṣe. "Envoie-moi le fichier" jẹ́ àṣẹ. "Peux-tu m'envoyer le fichier ?" dára láàárín ẹlẹgbẹ́. "Pourrais-tu m'envoyer le fichier quand tu auras un moment ?" ní ìtẹríba tí ará Faransé ń gbọ́ tó sì ń mọ rírì rẹ̀, tu sì wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń sá fún tu àti vous pátápátá: "Serait-il possible d'avoir le fichier avant jeudi ?" Ọgbọ́n yẹn wúlò fún ìwé onílà kan nígbà tí ẹ kò bá rántí ibi tí ẹ bá ọ̀rọ̀ dé. Bó bá ti di ìwé mẹ́ta, ẹni tó ń kà á á ti rí i pé ẹ ń sá. "Merci de m'envoyer le fichier" náà kò ní tu tàbí vous nínú, ṣùgbọ́n ó ń dún bí àṣẹ ju bí ó ti rí lójú lọ. Mi ò ní lò ó nínú ìwé àkọ́kọ́.

Bí Camille tó ti ń pè yín ní tu bá ṣàdédé kọ vous, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí ìwé náà lọ sí. Bí oníbàárà tàbí ọ̀gá àgbà bá wà níbẹ̀, tàbí bí ìwé náà bá jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́, kò sí ìjà. Ẹ lo vous níwájú àwọn wọ̀nyẹn, kí ẹ padà sí tu nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì ti fi ìwé tó da méjèèjì pọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó rí i, ẹ má kọ ìwé mìíràn láti fi tọrọ àforíjì, nítorí pé ìyẹn á sọ ohun kékeré di ọ̀rọ̀ ńlá tí Camille ní láti dáhùn. Ẹ dúró de ìwé tó kàn, kí ẹ wo èyí tó lò nínú rẹ̀, kí ẹ sì lo ìyẹn láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.